Ìyọ̀ǹda Lẹ́nu Àgbà: Gbígba Ohùn Àwọn Akọrin Arúgbó Sílẹ̀ ní Èkìtì

Ìbéèrè: Ọ̀gá, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì kan ní Èkìtì, orin ìbílẹ̀ sì ni mo ń ṣe ìwádìí lé lórí. Mo fẹ́ gba ohùn àwọn ìyá arúgbó kan sílẹ̀ tí wọ́n ń kọ alámọ̀, orin ìbílẹ̀ àwọn obìnrin Èkìtì, àti ti bàbá ọdẹ kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda tí wọ́n fún mi nílé ẹ̀kọ́ jẹ́ ojú ìwé mẹ́ta, èdè Òyìnbó ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Àwọn ìyá náà kò mọ̀wé. Ọmọ bàbá ní òun á bá mi fọwọ́ sí i, kí n ṣáà mú nǹkan wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà tó? Bí kò bá tó, kí ló yẹ kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìfọwọ́sí ọmọ kò tó. Ọmọ lè mú yín wọlé, ó lè bá yín tún ọ̀rọ̀ sọ bí etí bàbá kò bá já geere mọ́, ó sì dára kí ó jókòó níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí làákàyè bàbá ṣì pé, bàbá nìkan ló lè yọ̀ǹda ohùn rẹ̀. Òfin pàápàá wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tí ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2022 fún ẹni tó ń kọrin tàbí tó ń lùlù ní ẹ̀tọ́ láti gbà tàbí láti kọ̀ kí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni, èyí tó jáde ní ọdún 2023, sì sọ pé ẹni tó bá yọ̀ǹda gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń yọ̀ǹda, àti pé ó lè gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà.

Ní ti fọ́ọ̀mù olójú ìwé mẹ́ta yẹn, èmi kì í fi gbogbo ara gbà á, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ ló ń dáàbò bò ju akọrin lọ. Síbẹ̀ ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ lọ bá alábòójútó yín kí ó bá yín bẹ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwà ìwádìí, kí wọ́n gbà yín láyè láti fi ìyọ̀ǹda ẹnu tí ẹ gbà sórí ẹ̀rọ rọ́pò ìfọwọ́sí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ fún àwọn àgbà náà ni kí ẹ kọ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ fi han ìgbìmọ̀ náà kí ẹ tó jáde rárá. Ẹ má sì rò pé títẹ̀ka ló máa yanjú rẹ̀. Àgbà Èkìtì tó ti rí ẹjọ́ ilẹ̀ rí mọ ohun tí ìka lórí ìwé lè dá sílẹ̀ nínú ẹbí, nítorí náà ìwé tí ẹ bá nà sí i láti tẹ̀ka lé lè lé e sá fún ohun tí ì bá fi tayọ̀tayọ̀ ṣe. Bí ó bá sì tẹ̀ ẹ́ nítorí ojú yín tàbí nítorí ojú ọmọ rẹ̀, ìwé lásán lẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé olùwádìí á béèrè ohun kan, á sì fi ìdáhùn náà ṣe ohun mẹ́fà. Ó bi ìyá pé, "Ṣé mo lè gba orin yín sílẹ̀?" Ìyá ní, "Gbà á." Láti orí "gbà á" yẹn ni orin náà ti dé inú ìwé àṣekágbá, ó dé iwájú kíláàsì, ó dé ilé ìkàwé yunifásítì, ọ̀rẹ́ kan gbé e sórí Wasaapù, ilé iṣẹ́ rédíò gbọ́ ọ, wọ́n sì fi ṣí ètò wọn. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, gbígbà á sílẹ̀ nìkan ni ìyá gbà. Nítorí náà ẹ pín ìbéèrè yín. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbà kí ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ kí ẹ̀yin nìkan máa gbọ́ ọ fún ẹ̀kọ́. Ẹ dúró kí wọ́n dáhùn. Ẹ tún bi wọ́n bóyá ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé, bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lè gbọ́ ọ, bóyá ó lè wà nílé ìkàwé níbi tí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ti lè tọrọ rẹ̀, bóyá ó lè dé orí rédíò àti intánẹ́ẹ̀tì, àti bóyá ẹnikẹ́ni lè tà á. Ẹni tó gba ti àkọ́kọ́ lè kọ ti ìkẹta, kí ó sì tún gba ti ìkẹrin. Mo ti rí ìyá tó ní kí orin òun dé ìlú Òyìnbó, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé e sórí rédíò Adó-Èkìtì, nítorí pé àwọn orogún òun máa gbọ́.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni mo ń sọ nípa ibi tí orin lè dé. Ní ọdún 1970, Hugo Zemp tó jẹ́ onímọ̀ nípa orin àwọn ènìyàn ayé gba ohùn obìnrin kan sílẹ̀ ní erékùṣù Málàítà nínú àwọn erékùṣù Sólómọ́nì, níbi tí obìnrin náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Afunakwa, ti ń kọ orin ìrẹ̀mọ́. Orin náà jáde nínú àwo tí àjọ Yunẹ́síkò ṣe fún ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1992, àwọn olórin Faransé méjì gbé ohùn rẹ̀ sínú orin ijó tiwọn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, orin náà tà káàkiri ayé, wọ́n sì fi polówó ọjà. Zemp kò ta orin náà fún wọn, ó tilẹ̀ kọ ìwé tako ohun tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ohùn náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwo lásán ló gbé ti Afunakwa lọ síbẹ̀. Fóònù tó wà lápò yín yá ju àwo lọ.

Bí ẹ ṣe máa ṣàlàyé intánẹ́ẹ̀tì fún ìyá ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́rin tún wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá kàn pe orúkọ rẹ̀, á ní ó dára, ṣùgbọ́n rédíò ló wà lọ́kàn rẹ̀, ohun tí wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì parí. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń ní kí ọmọọmọ ìyá gbé fóònù rẹ̀ jáde, kí ó wá orin ìyá arúgbó kan láti ilẹ̀ tó jìnnà, kí gbogbo wa sì jọ gbọ́ ọ. Ìyá á ní, "Àní ohùn rẹ̀ dùn o! Ta nìyẹn?" Mo á ní n kò mọ̀ ọ́n. Ìyá á bi mí bóyá ẹni náà mọ̀ pé à ń gbọ́ òun ní Èkìtì. Mo á ní bóyá ló mọ̀, àti pé ó ṣeé ṣe kí ó ti kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń sọ pé bí tiyín náà ṣe lè rí nìyẹn bí ẹ bá gbà kí ó dé ibẹ̀. Àwọn kan á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ó máa lọ. Àwọn mìíràn á dákẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn orin kan kúrò. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yé wọn.

Lẹ́yìn àlàyé, ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ó yé yín?" nítorí pé kò sí àgbà tó máa dáhùn pé kò yé òun. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Bàbá, bí àwọn ọmọ yín tó wà ní Èkó bá pè yín lálẹ́ òní, tí wọ́n bi yín pé kí ni ẹni yìí wá ṣe, kí lẹ máa sọ fún wọn?" Bí bàbá bá ní, "Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ orin, ó fẹ́ fi ohùn mi sínú ìwé rẹ̀, àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ sì máa gbọ́ ọ," ọ̀rọ̀ ti wọlé. Bí ó bá ní ìjọba ló rán yín, àti pé wọ́n máa tó sanwó fún àwọn arúgbó, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti ní kí ẹ gbà á. Fún àgbà tí ìgbàgbé ti ń dà láàmú, ẹ padà wá ní ọjọ́ kejì kí ẹ tún bi í ní ìbéèrè kan náà. Bí ìdáhùn ọjọ́ kejì bá jọ ti àkọ́kọ́, ẹ lè máa bá a lọ. Bí kò bá rántí yín mọ́, ẹ lè máa jókòó tì í, ẹ lè máa kí i, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú iṣẹ́ yín.

Nígbà tí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ, ẹ sọ ọjọ́, ìlú, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ àti ìdí tí ẹ fi wá, kí akọrin sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbà àti ohun tí kò gbà. Ẹ sọ ọ́ sínú ohùn tí ẹ ń gbà sílẹ̀ gan-an, kí ó má jẹ́ inú ìwé nìkan ló wà. Orúkọ tí ẹ fún ohùn náà lórí kọ̀ǹpútà lè yí padà, ìwé sì lè sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ohùn yẹn ní ogún ọdún sí i máa kọ́kọ́ gbọ́ bàbá tó ń wí pé, "Kí ẹ má gbé èyí sórí rédíò."

Ó kan bàbá ọdẹ yín wàyí. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí tirẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ti lè ṣèèṣì ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe. Ó ṣeé ṣe kí ó sun ìjálá fún yín láìjanpata, nítorí pé ibi ìnáwó, ibi ọdún Ògún àti ibi ayẹyẹ ni wọ́n ti ń sun ún, tọmọdé tàgbà ló sì ń gbọ́ ọ. Ìrèmọ̀jé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọdẹ bá kú, tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣe ìṣípà fún un, ni wọ́n ń sun ún, kì í sì í ṣe ohun tí ọdẹ ń dá sun nínú yàrá fún àlejò. Olùwádìí tó ti ka orúkọ rẹ̀ nínú ìwé á fẹ́ gbọ́ ọ lójú méjèèjì, á ní, "Bàbá, ẹ kàn sun díẹ̀ fún mi." Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò lẹ́nu.

Ìdí ni pé àgbà Yorùbá kì í sábà wí fún àlejò pé rárá. Ó máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ ná," tàbí "Ó di ìgbà mìíràn." Ó lè ké sí ọmọ pé kí ó bu omi wá, ó lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn nípa ẹran kan tó pa nínú igbó, ó sì lè sun ohun mìíràn fún yín kí ó ní òun nìyẹn. Kíkọ̀ ni gbogbo ìwọ̀nyí. Bí ẹ bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ti fipá mú un, nítorí pé ìtìjú lè mú kí ó ṣe é, kí àwọn ará ilé má sì sùn lóru ọjọ́ náà. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sọ pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n pé nǹkan wà tí wọ́n máa ṣe kí ó tó sun ún, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ni ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹ ní kí ó mú yín lọ bá olórí ọdẹ ìlú, kí àwọn méjèèjì jọ sọ bí ó ṣe máa rí, kí ẹ sì ru ìnáwó ètùtù náà fúnra yín. Bí olórí ọdẹ bá kọ̀, ẹ gbà fún un. Ẹ ṣì lè kọ nínú ìwé yín pé ìrèmọ̀jé wà, ìgbà tí wọ́n ń sun ún, àwọn tó ń sun ún, àti pé wọn kò fẹ́ kí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ̀ gidi nìyẹn náà, kò sì sí olùyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa gba máàkì lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.

Kí orin kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó kọ́ akọrin, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́, kí ẹ sì béèrè ẹni tí kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Àwọn orin kan wà tí obìnrin kò gbọdọ̀ gbọ́, irú èyí tó jẹ mọ́ Orò, àwọn kan sì wà tí ẹni tí kò sí nínú awo kò gbọdọ̀ gbọ́. Èèwọ̀ náà kò sì parí sí ibi tí wọ́n ti kọrin. Ó ń bá ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ lọ sí ibi gbogbo tó bá dé. Bí alábòójútó yín tàbí olùyẹ̀wò yín bá jẹ́ obìnrin, ta ló máa gbọ́ ọ? Bí kò bá sí ìdáhùn sí èyí kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ má tan án. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n ti tẹ irú rẹ̀ jáde rí. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé irú rẹ̀ ti jáde nínú ìwé rí, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda tí àwọn kan fún ẹlòmíràn nígbà náà kì í ṣe ìyọ̀ǹda tí bàbá yìí fún yín.

Ní ti alámọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní apá Ìjerò tó jọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, mo sì mọ̀ ọ́n nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé ohùn tó gbà sílẹ̀ wá kí a jọ gbọ́. Àwọn ìyá márùn-ún ló kọrin: ẹnì kan ń lé, mẹ́rin ń gbè. Ẹni tó ń lé orin nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ náà gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé àwọn elégbè kò ní ohùn. Orin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Oríkì ìlú àti oríkì ilé wà nínú wọn, orin ìyàwó wà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ìkeje, ìyá tó ń lé bọ́ sínú èébú, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin ṣe máa ń ṣe nínú alámọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dárúkọ ilé kan, ó sọ ohun tí ìyàwó ilé náà ṣe tí wọ́n fi lé e, ó sì sọ ibi tó sá lọ. Obìnrin náà ti kú, ṣùgbọ́n ọmọọmọ rẹ̀ ń ta aṣọ ní òdìkejì ojú ọ̀nà sí ilé tí wọ́n ti ń kọrin.

Ohun tí a ṣe ni pé akẹ́kọ̀ọ́ padà lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó kó àwọn máràrùn-ún jọ, ó sì gbé gbogbo orin náà sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí ìkeje, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn ní, "Háà, àwọn ọmọ yẹn kò ṣe wá ní nǹkan kan o." Wọ́n jíròrò láàárín ara wọn, wọ́n sì fẹnu kò pé orin náà lè wà fún ẹ̀kọ́, pé kí ó má dé orí rédíò tàbí Wasaapù láéláé, àti pé nínú ìwé, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ "ilé kan" síbi tí orúkọ ilé náà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé pé àwọn akọrin ló ní kí òun yọ orúkọ náà.

Níbi ìjókòó kan náà ni ọ̀kan nínú àwọn elégbè ti sọ ohun tí kò rí ẹni bi í tẹ́lẹ̀. Ìyá ìjọ ni. Orin méjì nínú mọ́kànlá náà jẹ mọ́ òrìṣà, ó sì ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ òun rí orúkọ òun lábẹ́ wọn. Ní Èkìtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ ò lè rí àgbà olórin tí kò ní irú ọ̀ràn yìí, nítorí pé àwọn tó mọ orin ìbílẹ̀ jù lọ ni wọ́n tún ń jókòó ní ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tí wọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nítorí náà ẹ má pinnu fún wọn pé ẹ máa fi orúkọ wọn pamọ́ tàbí pé ẹ máa kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé tó ń kọ́ni ní ìlànà ìwádìí á ní kí ẹ fi orúkọ pamọ́, ṣùgbọ́n akọrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ kí a mọ òun, ó sì lè rí fífi orúkọ rẹ̀ pamọ́ bí olè jíjà. Ẹ bi í lórí orin kọ̀ọ̀kan. Ìyá ìjọ yìí ní kí wọ́n kọ orúkọ òun gàdàgbà sábẹ́ mẹ́sàn-án, kí wọ́n sì fò ó nínú méjì. Orúkọ ìlú ni kí ẹ má fò, nítorí pé òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tí mo dárúkọ lókè ní kí ẹni tó bá lo orin àjogúnbá sọ àwùjọ tó ti wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ "mú nǹkan wá" tí ọmọ bàbá sọ. Ẹ má bínú sí i jù. Olórin ni bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é síbi ìnáwó, wọ́n máa náwó fún un, ẹ̀yin sì fẹ́ gba iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ fi gba oyè. Ohun tó yẹ ni kí ẹ ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀. Èkíní ni ohun tí ẹ mú lọ́wọ́ wá kí àgbà, obì, ọtí tàbí ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ bá gbà, èyí tí ẹ máa fún un bí ó bá kọrin tàbí bí kò bá kọ. Èkejì ni owó àsìkò rẹ̀, tí ẹ máa sọ iye rẹ̀ ṣáájú, tí ẹ máa fi lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí, tí kò sì ní dínkù bí ó bá kọ orin kan sílẹ̀ pé òun kò ní kọ ọ́. Ibi tí owó ti ń di àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ìgbà tí iye rẹ̀ bá ń ga sí i bí orin bá ṣe ń sún mọ́ ohun tí kò fẹ́ kọ. Ẹ̀kẹta ni ìpín rẹ̀ bí orin náà bá di ọjà, èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣèlérí rárá bí kò bá sí lọ́kàn yín láti tà á. Bí ọmọ bá fẹ́ tirẹ̀ nítorí pé ó pàdánù ọjọ́ iṣẹ́, ẹ fún un lọ́tọ̀, kí ó má wọ inú ti bàbá. Fún àwọn ìyá alámọ̀, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pín owó ìnáwó láàárín ara wọn kí ẹ sì tẹ̀ lé e. Nínú ẹgbẹ́ kan, ẹni tó ń lé ń gba ìlọ́po méjì, nínú òmíràn, dọ́gbadọ́gba ni. Bí ẹ bá ti kí ọba tàbí baálẹ̀, ẹ ti ṣe ohun tó yẹ, ṣùgbọ́n àṣẹ ààfin kò dípò ìyọ̀ǹda akọrin.

Ní ti ara wọn, òwúrọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ló dára jù, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó kọjá wákàtí kan. Orin kíkọ ń gba èémí ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Bí ìdáhùn bá ti ń kúrú, bí orin bá ti ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín, bí ọwọ́ bá ti ń fi ìlù sílẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ má ní kí wọ́n tún orin kọ nítorí pé bátìrì yín kú. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò nílé. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ pa á lójú wọn, kí ẹ gbé kálàmù sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tó ní kí ẹ pa ẹ̀rọ kò ní kí ẹ máa kọ ohun tí òun ń sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn náà pẹ́, ẹ gbà á ní WAV, 24 bit, 48 kHz. Wákàtí kan rẹ̀ ní sítẹ́ríò máa gba nǹkan bíi 1 GB, kí ẹ sì fi ẹ̀dà mẹ́ta sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kò lè fi WAV ṣe ohunkóhun. Ẹ ṣe ẹ̀dà MP3 sórí káàdì mẹ́mọ́rì kékeré, kí ẹ fi sínú rédíò tó ń gba káàdì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ níwájú rẹ̀ títí tó fi máa mọ ibi tó máa tẹ̀. Kí èyí dé ọwọ́ rẹ̀ kí ìwé yín tó dé ọ̀dọ̀ olùyẹ̀wò, nítorí pé bí ó ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ló máa rántí ohun tó fẹ́ kí ẹ yọ, àyè sì gbọ́dọ̀ ṣì wà láti yọ ọ́.

Ohun tó kù ni ikú, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tijú láti mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà kì í tijú rẹ̀. Ẹ má bi í pé bí ó bá kú ńkọ́. Ẹ ní, "Bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa o. Lọ́jọ́ iwájú tó jìnnà, ta lẹ fẹ́ kí n máa bi léèrè nípa orin yìí?" Orúkọ tó bá dá, ẹ jẹ́ kí ó dá a sínú ẹ̀rọ. Ó lè má jẹ́ ọmọ tó ń bá yín ṣe ètò rárá. Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọdẹ kékeré kan tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọlọ́jọ́ bá sì dé kí ìwé yín tó parí, ẹ dá gbígbé ohùn náà jáde dúró, ẹ lọ kí àwọn ẹbí láìgbé ẹ̀rọ dání, ẹ fi ẹ̀dà kan lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì dúró kí ẹni tó dárúkọ yẹn sọ ìgbà tí wọ́n tún lè gbọ́ ọ.